Réètì Ojú Àwòrán: Bí A Ṣe Ń Fi Sikirinṣọ́ọ̀tì Ṣírò Owó Òkèèrè

Ẹni tó bá ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù yóò ti gba irú àwòrán yìí rí lórí Wáàsáàpù. Ojú áàpù tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ ni, wọ́n ya á bó ṣe wà lórí fóònù, àkọlé kékeré kan sì wà níbẹ̀ pé `1 GBP = 2,050 NGN`. Ọ̀rọ̀ tó bá a wá kì í gùn: "Mọ́mì, ẹ wo réètì òní. Ẹ bá mi ṣírò iye tí gbogbo rẹ̀ máa jẹ́." Náírà ni gbogbo ìnáwó tí Mọ́mì kọ sínú ìwé n'Ìbàdàn, pọ́n-ùn ló wà lápò ọmọ. Kí ọmọ tó lè tẹ iye kankan sínú áàpù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ náírà yẹn di pọ́n-ùn. (Àpẹẹrẹ lásán ni 2,050 tí mo mú yìí o. Réètì ọjọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí lè jìnnà sí i gan-an.)

Lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ń tọ́ka sí ìlú, ẹ̀kẹta sì ń tọ́ka sí orúkọ owó. NG ni Nàìjíríà, N sì ni náírà. GB ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, P sì ni pọ́n-ùn. US ni Amẹ́ríkà, D sì ni dọ́là. Ohun tí ìlà yẹn ń sọ ni pé pọ́n-ùn kan ṣoṣo yóò di náírà ẹgbẹ̀rún méjì àti àádọ́ta. Owó tí òǹkà 1 wà níwájú rẹ̀ ni ká dì mú, nítorí òun ló ń pinnu bóyá a máa sọ owó di púpọ̀ ni tàbí a máa pín in. Bí ohun tó wà lọ́wọ́ wa bá jẹ́ pọ́n-ùn, tí a fẹ́ mọ iye náírà rẹ̀, a ó fi 2,050 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá jẹ́ náírà ló wà nínú ìwé, tí pọ́n-ùn la ń wá, a ó fi 2,050 pín in.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé Mọ́mì kalẹ̀. Owó ilé-ìwé jẹ́ 185,000 náírà, owó ilé jẹ́ 450,000, oògùn sì jẹ́ 62,500. Bí a bá fi 2,050 pín ìkọ̀ọ̀kan, owó ilé-ìwé á jẹ́ pọ́n-ùn 90.24, owó ilé á jẹ́ 219.51, oògùn á jẹ́ 30.49. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 340.24. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ro náírà ibẹ̀ pọ̀, èyí tó jẹ́ 697,500, kí ẹ fi 2,050 pín in lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ìdáhùn méjèèjì bá sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé pẹ́nì kan tàbí méjì péré ló là wọ́n láàárín, iṣẹ́ yín dára. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti fo òdo kan síbì kan, tàbí ẹ ti kọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń sanwó ilé kò ní fojú fò. 340.24 tí ọmọ fẹ́ fi ránṣẹ́, bí a bá dá a padà sí náírà, 697,492 ni yóò jẹ́. Náírà mẹ́jọ ti dín. Náírà mẹ́jọ kò lè ra nǹkan kan lónìí, àmọ́ bánkì tàbí ilé-ìwé tó ní kí owó pé géérégé kò mọ ìyẹn. Nítorí náà, tó bá jẹ́ náírà la fẹ́ kó pé, pẹ́nì tó kẹ́yìn ni ká sún sókè: 340.25.

Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ wà nísàlẹ̀ àwòrán yẹn. Ọ̀pọ̀ áàpù máa ń kọ ìlà kejì tó yí réètì padà, èyí tó máa ń rí báyìí: `1 NGN = 0.00049 GBP`. Ẹni tó ní náírà lọ́wọ́ yóò rò pé ìlà tòun nìyí, pé kí òun kàn fi sọ náírà òun di púpọ̀, ó tán. Ojú ló ń tan ẹni bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi 2,050 pín 1, òǹkà tó jáde gùn: 0.000487804, ó sì tún ń lọ. Áàpù kò ní àyè láti kọ gbogbo rẹ̀, nítorí náà ó gé e kúrú, ó sì sún un sókè di 0.00049. Ẹ fi òǹkà gígé yìí ṣírò 697,500 náírà, ẹ ó rí 341.78. Ó ti fi pọ́n-ùn kan àti ààbọ̀ lé owó tó yẹ. Àwọn áàpù mìíràn gé e kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n kọ 0.0005. Pẹ̀lú ìyẹn, owó Mọ́mì di 348.75, pọ́n-ùn mẹ́jọ àti ààbọ̀ ti lé sórí 340.25 tó yẹ kó jẹ́. Ní réètì yìí, náírà 17,425 nìyẹn, láti inú òǹkà kan tí wọ́n gé lẹ́nu.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé wọ́n ti gé òǹkà ju bó ṣe yẹ lọ kò le. Ẹ fi òǹkà kékeré yẹn pín 1 lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yín. Bí wọ́n bá kọ 0.0005, ìdáhùn yóò jẹ́ 2,000, kì í ṣe 2,050. Bó bá jẹ́ 0.00049, ìdáhùn yóò jẹ́ bíi 2,040.8. Èyí tó wà lókè ni kí ẹ gbà gbọ́, èyí tí òǹkà rẹ̀ tóbi, kí ẹ sì fi pín. Èmi kì í tilẹ̀ wo ìlà kejì yẹn mọ́ níbi tí náírà bá wà.

Nígbà mìíràn, àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti ní owó méjì lórí: `You send` lókè pẹ̀lú 200.00 GBP, `Recipient gets` nísàlẹ̀ pẹ̀lú 405,900.00 NGN, réètì 2,050 sì wà láàárín wọn. Ẹni tó bá fi 2,050 sọ 200 di púpọ̀ yóò rí 410,000, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó jí owó òun. Kò sẹ́ni tó jí i. Ẹ fi 2,050 pín 405,900, ẹ ó rí 198. Pọ́n-ùn méjì ti lọ sí owó iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣẹ́ ìyókù, bóyá wọ́n sì kọ ọ́ ní lẹ́tà tíntìntín síbìkan tí àwòrán náà kò gbé dé. Láti ìsinsìnyí lọ, a ti mọ ohun tí a ó ṣe: bí Mọ́mì bá fẹ́ gba 697,500 pé pérépéré, 340.25 nìkan kò tó. 342.25 ni ọmọ yóò tẹ̀ síbẹ̀, bí owó iṣẹ́ wọn bá ṣì jẹ́ pọ́n-ùn méjì. Mo fi "bí" síbẹ̀ nítorí àwọn kan máa ń yí owó iṣẹ́ padà bí owó tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ bá ṣe pọ̀ sí.

Àwọn ará wa tó wà ní Kùtọnu, Pọ́tónóvò àti Lomé ní ìṣòro tiwọn, èyí tí ará Nàìjíríà kò ní rò. Owó séfà tiwọn so mọ́ yúrò, kì í lọ sókè sódò bíi ti náírà. Láti 1999 tí owó yúrò ti bẹ̀rẹ̀, yúrò kan ni 655.957 séfà. Ṣùgbọ́n lórí fóònù tí wọ́n tò sí èdè Faransé, báyìí ni yóò ṣe hàn: `1 EUR = 655,957 XOF`. Kọ́mà ni Faransé fi ń ṣe pọ́ìntì. Bí wọ́n bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn l'Ékòó, ojú rẹ̀ á rí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ó lé séfà fún yúrò kan ṣoṣo. Ẹ̀bùn 120 yúrò, tó jẹ́ séfà 78,715 lásán, á di mílíọ̀nù méjìdínlọ́gọ́rin ó lé. Irú àṣìṣe yìí tóbi jù láti fara pa mọ́, ìyẹn ló dára nínú rẹ̀. Èyí tó ń fara pa mọ́ ni ti lẹ́tà: `XOF` ni séfà àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, `XAF` ni ti Kamẹrúùnù àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Iye kan náà ni wọ́n jẹ́ sí yúrò, àmọ́ owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Bó bá jẹ́ àwòrán pátákó àwọn tó ń ṣẹ́ owó ni wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ ó rí réètì méjì, `BUY` àti `SELL`. Ojú oníṣòwò ni wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe tiyín. Ẹni tó gbé pọ́n-ùn wá ṣẹ́ sí náírà, iye tó wà lábẹ́ `BUY` ni yóò gbà, nítorí àwọn ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, iye náà ló sì máa ń kéré. Réètì kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ ìwádìí orí íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń gbé jáde sábà máa ń wà láàárín méjèèjì. Ó dára láti fi mọ bí ọjà ṣe rí, àmọ́ ẹ má fi ṣírò owó ilé, nítorí kò sẹ́ni tó máa ṣẹ́ ẹ fún yín ní iye yẹn.

Ó ku aago. Sikirinṣọ́ọ̀tì kì í yí padà, réètì ń yí padà. Ní oṣù kẹfà 2023, tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 470 náírà ní bánkì kọjá 600 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi àwòrán ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ṣírò lásìkò yẹn ń ṣírò owó tí kò sí mọ́. Ẹ wo déètì àti aago tó wà lókè àwòrán kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò. Bí wọ́n bá ti gé ibẹ̀ kúrò, tàbí tó bá ti di ti àná, ẹ ní kí ọmọ ya òmíràn, kó sì jẹ́ kí gbogbo ojú fóònù hàn, láti orí aago dé ìlà owó iṣẹ́ nísàlẹ̀.