Bí Abẹ́rẹ́ Ti Kéré Tó: Ìwé Ìlàlóye Lórí Ọjà Rírà fún Ilé Ìwòsàn Kéékèèké

Ta ni ìwé yìí wà fún?

Ó wà fún ẹ̀yin alábòójútó ilé ìwòsàn àti ilé ìgbẹ̀bí kéékèèké ní Ẹ́sítéètì OPIC, ní Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé ọjà rírà. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń pín gbogbo ohun tí a ń rà sí ọ̀nà mẹ́rin, kí a lè mọ irú ọwọ́ tí a ó fi mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Peter Kraljic ló gbé ìlànà yìí jáde ní ọdún 1983. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ló ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìlànà náà bá ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá mu dáadáa.

Ìbéèrè méjì péré

Ìbéèrè kìíní: èló ló ń lọ lé ọjà yìí? Ẹ kó rìsíìtì oṣù mẹ́ta jọ, ẹ ṣírò iye tí ọjà kọ̀ọ̀kan gbà, kí ẹ sì tò wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó gba owó jù. Ẹ máa ro wọ́n pọ̀ títí tí ẹ ó fi kan ₦80 nínú gbogbo ₦100 tí ẹ ná. Ẹ fa ìlà síbẹ̀. Ohun tó wà lókè ìlà ni ọjà olówó ńlá, ohun tó wà nísàlẹ̀ ni ọjà olówó kékeré.

Ìbéèrè kejì: báwo ló ṣe rọrùn tó láti rí i? Ẹ béèrè ohun mẹ́rin. Ṣé ọlọ́jà mẹ́ta tó ṣe é fọkàn tán wà tó ń tà á nítòsí? Ṣé ó lè dé láàárín ọjọ́ méjì? Ṣé ohun mìíràn wà tó lè rọ́pò rẹ̀? Ṣé ó ṣe é tọ́jú pamọ́ fún ìgbà pípẹ́? Bí ìdáhùn bá jẹ́ “rárá” lẹ́ẹ̀mejì, ewu rẹ̀ pọ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin náà

- *Ọjà ojoojúmọ́* (owó kékeré, ewu kékeré): ọṣẹ, òwú, bébà, omi ìpakòkòrò. Ẹ má fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ná an. Ẹ rà á pọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù.
- *Ọjà tó ṣe é ná* (owó ńlá, ewu kékeré): oògùn ibà, omi tí a ń fà sára, ìbọ̀wọ́. Ọlọ́jà pọ̀, nítorí náà agbára wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gba iye owó lẹ́nu ọlọ́jà mẹ́ta, kí ilé ìwòsàn méjì tàbí mẹ́ta sì para pọ̀ rà á.
- *Ọjà kékeré tó ń dá iṣẹ́ ńlá dúró* (owó kékeré, ewu ńlá): abẹ́rẹ́ oksitósìn, àti ẹ̀rọ kékeré tí a ń dè mọ́ ẹnu sílíńdà ọ́síjìn. Ẹ má ná an jù. Ẹ rí i pé kò tán.
- *Ọjà tí a ń bá ọlọ́jà mulẹ̀ lé lórí* (owó ńlá, ewu ńlá): ọ́síjìn fúnra rẹ̀. Àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló yẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo oksitósìn

Oksitósìn ni abẹ́rẹ́ tí a ń fún obìnrin kété tó bá bímọ tán, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya. Ìwọ̀n 10 IU ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí. Nínú ìwé ìnáwó, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ìdí nìyí tí ojú fi máa ń fò ó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bó ti wù kí abẹ́rẹ́ kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ohun tó sọ ọ́ di eléwu ni òtútù. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ló yẹ kó wà nínú firíìjì. Bí iná bá lọ láti àárọ̀ di ọ̀sán, tí òǹkà firíìjì sì gòkè di 14, ìgò náà ò ní yí àwọ̀ padà, omi inú rẹ̀ yóò mọ́ gaara bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Àyẹ̀wò tí àwọn olùwádìí ṣe ní Nàìjíríà ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ oksitósìn tó wà lọ́jà kò lágbára tó. Nítorí náà, ọlọ́jà tó ń tà á lórí àtẹ kì í ṣe ọlọ́jà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìgbẹ̀bí kan tó ń gbẹ̀bí 30 lóṣù ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń lo ìgò 45, nítorí pé ẹlòmíràn nílò ju ẹyọ kan lọ. Èyí jẹ́ ìgò kan àti ààbọ̀ lójúmọ́. Bí ọlọ́jà bá pẹ́ jù, ọjọ́ 14 ló máa ń gbà kó tó dé: ìgò 21 nìyẹn. Ẹ fi 9 kún un fún oṣù tí ìbímọ bá pọ̀ lójijì, ó di 30. Ọjọ́ tí ìgò inú firíìjì bá ku 30 ni kí ẹ pe ọlọ́jà, kì í ṣe ọjọ́ tó bá ku 5. Ẹ má sì kó ju ti oṣù mẹ́ta lọ pamọ́, nítorí ó ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Ẹ ní ọlọ́jà méjì tó ní firíìjì, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí. Ẹ tún fi mísopurósítọ́ọ̀lù, tí kò nílò òtútù, pamọ́ fún ìgbà tí iná bá dójú tì wá.

Ọ́síjìn: ọ̀rọ̀ àdéhùn

Sílíńdà ńlá kan gba nǹkan bíi lítà 6,800. Aláìsàn tó ń gba lítà 5 ní ìṣẹ́jú kan yóò tán an láàárín wákàtí 22 ó lé díẹ̀. Aláìsàn kan ṣoṣo, ó lé díẹ̀ ní sílíńdà kan lójúmọ́. Ibi tí wọ́n ti ń kún un kò pọ̀, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ó sì máa ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà náà ṣe máa ń dí ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò bá ń lọ sí Ìlú Ìràpadà. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn yóò máa gbé e wá, kí ọlọ́jà fi sílíńdà kan lélẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kí owó rẹ̀ má sì yí padà láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin náà, ẹ má jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àwọn oníbàárà tó ń san owó lásìkò ni ọlọ́jà ń kọ́kọ́ rántí nígbà ọ̀wọ́n.

Ọjà a máa ṣí kúrò níbi tó wà

Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú tí a ń rà bí ẹ̀pà di ohun tí a ń wá kiri. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline kéde pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà. Ventolin tí alárùn asímà ń fà sẹ́nu wọ́n, owó rẹ̀ sì fò sókè. Nítorí náà, ẹ tún pín ọjà yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpín yín kò dára

Bí nọ́ọ̀sì bá ń sáré lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì lóru, ọjà kan wà ní àyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá ń yá nǹkan kan náà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, bákan náà ni. Bí páálí oògùn bá sì bàjẹ́ lórí pẹpẹ, a jẹ́ pé ẹ fi ọwọ́ ọjà eléwu mú ọjà tó rọrùn. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ìwé lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìwé yẹn ni ẹ ó ṣí nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, tí ẹ bá fẹ́ tún ìlà yín fà.