Owó-Ogbó Kì í Ṣe Owó Ìpamọ́

Ìbéèrè tí àbúrò ìyá mi bi mí ní ìparí ọdún 2023 ni ó mú mi kọ àròkọ yìí. Ẹ̀rọ ìlọta ni wọ́n fi ń ṣòwò, èmi ni mo sì ń bá wọn kọ ìwé ìṣirò owó. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Wọ́n ní, "Ọdún márùn-ún ni o fi ń yọ owó-ogbó ẹ̀rọ kúrò nínú èrè mi. Kó owó náà wá, kí n fi ra òmíràn." Mo ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, n kò kó owó kankan pa mọ́." Ojú wọn yí padà.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, wọ́n ra ẹ̀rọ náà ní 300,000 náírà. Ọjọ́ náà gan-an ni owó jáde ní báǹkì. Ṣùgbọ́n ọdún 5 ni ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́. Bí a bá di gbogbo ẹrù náà ru ọdún 2019 nìkan, yóò dà bí ọdún òfò, ọdún mẹ́rin yòókù yóò sì dà bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀rọ ń lọ ata. Mo ṣírò pé a ó rí i tà ní 50,000 nígbà tí ó bá gbó. Mo wá pín 250,000 tí ó kù sí ọ̀nà 5, ọdún kọ̀ọ̀kan gba 50,000. Owó tí a ti ná tán ni mo ń pín. Mo ń kọ ọ́ mọ́ ìnáwó ọdún, mo sì ń dín iye ẹ̀rọ kù. N kò fọwọ́ kan ojú-ewé báǹkì rárá.

Lọ́dọọdún, 400,000 ni ó ń wọlé. Epo, àtúnṣe àti owó òṣìṣẹ́ ń gba 280,000. Ó ku 120,000. Bí a bá yọ owó-ogbó, èrè di 70,000. Ṣùgbọ́n gbogbo 120,000 ni Àǹtí ń kó lọ sanwó ilé-ìwé ọmọ. Ká ní 70,000 nìkan ni wọ́n ń kó, 50,000 ìbá máa ṣẹ́ kù sínú òwò. Bẹ́ẹ̀ náà, ata tí àwọn oníbàárà ń lọ̀ ni ìbá mú un wá, kì í ṣe kálàmù mi. Bí ọjà kò bá sì tà lọ́dún kan, n ó ṣì kọ 50,000 náà, láìsí kọ́bọ̀ lọ́wọ́.

Ká tilẹ̀ ní wọ́n tọ́jú 250,000 náà, tí wọ́n sì ta èyí tí ó gbó ní 50,000, 300,000 ni gbogbo rẹ̀: iye ẹ̀rọ lọ́dún 2019. Náírà ti já wálẹ̀ gidigidi lọ́dún 2023. 780,000 ni ọlọ́jà pe irú ẹ̀rọ kan náà. Iye àná ni owó-ogbó ń pín, kò mọ iye ọ̀la.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra òmíràn, kí ó ya owó sọ́tọ̀ ní báǹkì fúnra rẹ̀, kí ó sì máa fi iye ọjà lọ́wọ́lọ́wọ́ wọ̀n ọ́n. Ohun tí Àǹtí ń ṣe báyìí nìyẹn, lórí ẹ̀rọ tí wọ́n yáwó rà.