Ìyálọ́mọ tó padà sí ṣọ́ọ̀bù: Bó ṣe lè pín ọjọ́ rẹ̀ tí ọmọ yóò fi yó, tí iṣẹ́ kò sì ní dúró

Obìnrin tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe kì í sábà lè jókòó sílé pẹ́ lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn kọ́sítọ́mà á máa pè é, owó ṣọ́ọ̀bù á sì máa sún mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́ láìṣètò, ọyàn ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá a. Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó pé, omi ọyàn á ti dínkù, ìyá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra wàrà inú agolo, bẹ́ẹ̀ owó ìyẹn kò sí nínú ìṣirò òwò rẹ̀.

Ohun tó fà á kò ṣòro láti yé èèyàn. Bí ọyàn bá kún tí kò sẹ́ni tó fún un jáde, ara á gbà pé ọmọ kò nílò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, á sì dín èyí tó ń ṣe kù. Nítorí náà, ìyálọ́mọ tó bá padà síṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú àkókò tí yóò máa fún ọyàn rẹ̀, kó tó wá pín iṣẹ́ ọjọ́ yẹn yí i ká.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ó ń gbé ní Òjóò, ó sì ní ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì. Ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ló sì ń bá a tọ́jú rẹ̀ nílé. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ló ń kúrò nílé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń padà dé. Ọmọ tó bá wà láàárín oṣù kan sí mẹ́fà sábà máa ń mu bíi mílílítà 30 sí 45 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ìyá rẹ̀ kò fi sí nílé. Fún wákàtí mẹ́sàn-án àti díẹ̀, ife mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba mílílítà 100 ni yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ kò bá yó, á fi díẹ̀ kún un.

Aago márùn-ún ìdájí ni ọjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Á fún ọmọ ní ọyàn kan, á sì fi ọwọ́ fún omi inú ìkejì sínú ife tó mọ́ tó sì ní ọmọrí. Èyí ni ife àkọ́kọ́. Kí aago méje ààbọ̀ tó lù, á tún fún ọmọ lọ́yàn, kó tó jáde.

Tó bá dé ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ tó gba ọpọlọ ni kó kọ́kọ́ ṣe, ìyẹn ni wíwọn kọ́sítọ́mà àti gígé aṣọ. Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, á bọ́ sí ẹ̀yìn kọ́tìnì, á fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, á sì fún ọyàn méjèèjì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àtàǹpàkò á wà lókè, ìka ìfábẹ̀lá á wà nísàlẹ̀, níbi tí dúdú ọyàn parí sí. Á tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn síhà àyà, kó tó wá fún un pọ̀. Kò gbọ́dọ̀ máa fa orí ọmú, nítorí ìyẹn kò mú omi wá, ó kàn máa ń dá egbò sílẹ̀ ni. Á tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní aago kan ọ̀sán, kó tó jẹun. Láàárín àkókò yìí, àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ á máa tẹ bọ́tìnnì, wọ́n á sì máa lọ aṣọ. Ní aago mẹ́rin, á fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún wọn, á gba ilé lọ.

Omi ọyàn tó fún ní ṣọ́ọ̀bù lónìí, ti ọ̀la ni. Nínú oòrùn tiwa, kò yẹ kó wà níta kọjá wákàtí mẹ́rin. Bó bá wà nínú kúlà tí yìnyín kún dáadáa, ó lè lo wákàtí 24. Nínú fíríìjì tí iná kì í lọ níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni. Nítorí pé iná kò ṣe é gbára lé, kúlà ni aránṣọ wa ń lò. Ó ń ra omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín, á sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́, kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé omi ọyàn yẹn mọ́.

Bí oníṣòwò ṣe ń ta ọjà tó kọ́kọ́ wọlé kó tó ta tuntun ni ìyá àgbà ṣe ń lò ó. Èyí tí wọ́n fún ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àná ni ọmọ yóò mu ní aago mẹ́wàá òní. Ti aago kan àná ni yóò mu ní aago méjìlá ààbọ̀. Ti ìdájí òní ni yóò kẹ́yìn, ní aago mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ìyá àgbà má fún un ní nǹkan kan mọ́ àyàfi tí ebi bá ń pa á gan-an, kó lè gba ọyàn dáadáa bí ìyá rẹ̀ bá ti wọlé. Ti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Àìkú ló ti ń fún un pamọ́.

Kì í ṣe orí iná ni wọ́n ti ń mú un lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́. Inú abọ́ omi gbígbóná ni wọ́n ń gbé ife náà sí. Ife tàbí ṣíbí ni kí wọ́n fi fún ọmọ, nítorí ọmọ tó bá ti mọ́ lára láti máa mu nínú fídà tó ń yára ṣàn lè máa kọ ọyàn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ife, tí wákàtí méjì ti kọjá lórí rẹ̀, kí wọ́n dà á nù. Kí oṣù mẹ́fà ọmọ tó pé, kò sí omi lásán, kò sì sí àgbo. Ó yẹ kí ìyá àgbà ti gbọ́ èyí ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni aáwọ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Wákàtí kan lóòjọ́ ni fífún ọyàn ń gbà lọ́wọ́ iṣẹ́. Bí aránṣọ yìí bá ti ń rán ẹ̀wù mẹ́rin lóòjọ́ tẹ́lẹ̀, mẹ́ta ni kó máa fi dá ọjọ́ fún kọ́sítọ́mà báyìí. Ìgbà tí aṣọ Iléyá tàbí ti Kérésì bá wọlé wìtìwìtì ló máa ń fẹ́ fo ti aago kan. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á rí i pé ife kò kún mọ́. Kó yára dá àkókò náà padà, kó sì máa fún ọmọ lọ́yàn léraléra lálẹ́. Bí apá kan ọyàn bá le, tó pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì bá a wá, ilé ìwòsàn ló kàn. Ní ti ọmọ, bí kò bá tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ojúmọ́ kan, tàbí tí kò sanra sí i, oúnjẹ rẹ̀ lè má tó. Kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin tí ẹ gba òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Abala 54 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́yàn ní ààyè ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín àkókò iṣẹ́. Àkókò méjì tí aránṣọ wa ń lò gan-an nìyẹn. Kọ́tìnì kan, àga kan, omi àti ọṣẹ ti tó.

Kí ìyá má dúró di ọjọ́ tó máa padà síṣẹ́. Bó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ti ìdájí pamọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ ọn, kí ọmọ náà sì mọ ife. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, kó fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ibi tí ètò náà bá ti fẹ́ já á kulẹ̀ á ti hàn lọ́jọ́ náà, kí aṣọ kọ́sítọ́mà tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn.