Ṣé Ìwé Ìbéèrè Yìí Ṣeé Gbára Lé? Ohun Tí Álífà Cronbach Ń Sọ

Nínú iṣẹ́ ìwádìí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, gbólóhùn kan kì í sábà wọ́n ní orí kẹta: pé wọ́n ti dán ìwé ìbéèrè wò, àti pé álífà Cronbach rẹ̀ jẹ́ báyìí báyìí. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ láìmọ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ. Bẹ́ẹ̀, bírò àti bébà tó láti ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ká ní olùwádìí kan fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìbàdàn ṣe fọkàn tán ẹgbẹ́ wọn tó. Ìfọkàntán kò ṣeé fojú rí, nítorí náà ó kọ gbólóhùn mẹ́rin. Olùdáhùn yóò mú nọ́ńbà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti 1, "mi ò gbà rárá", títí dé 5, "mo gbà pátápátá":

1. Ọkàn mi balẹ̀ lórí owó tí mo ń dá sí ẹgbẹ́.
2. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ máa ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ná owó.
3. Tí mo bá fẹ́ gba owó mi, mo máa ń rí i gbà lásìkò.
4. Ẹ̀rù máa ń bà mí pé wọ́n lè kó owó wa jẹ.

Kó tó pín ìwé náà káàkiri, ó yẹ kó kọ́kọ́ dán an wò lára àwọn èèyàn díẹ̀. Nǹkan bí 30 ni ọ̀pọ̀ olùwádìí máa ń lò. Irú àwọn tí ìwádìí náà wà fún ni kí wọ́n jẹ́, àmọ́ kí wọ́n má sí lára àwọn tí yóò dáhùn ìwé náà nígbà tí ìwádìí gan-an bá bẹ̀rẹ̀. Ó lè lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mìíràn ní ìlú Ọ̀yọ́. Tó bá jẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ló pín in fún nítorí pé wọ́n wà nítòsí, èsì náà kò lè sọ bí yóò ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò tó ń dá owó lóṣooṣù.

Kí ìṣirò tó dé rárá, kó jókòó ti àwọn méjì mẹ́ta, kí wọ́n ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì sọ bó ṣe yé wọn. Ká ní bó ṣe kọ gbólóhùn kejì tẹ́lẹ̀ ni pé: "Àwọn olóyè ẹgbẹ́ máa ń ṣàlàyé ìnáwó, wọ́n sì máa ń fún wa lówó wa lásìkò." Ìyá kan lè gbójú sókè kó ní: "Wọ́n ń ṣàlàyé dáadáa o, ọmọ mi, àmọ́ owó kì í tètè jáde. Èwo wá ni kí n mú?" Ìbéèrè méjì ló wà nínú gbólóhùn kan yẹn. Ìṣirò lè má tú irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ fó. Ẹnu olùdáhùn la ti ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn kejì àti ìkẹta fi wá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lókè yìí.

Ó wá ku ìṣirò. Kó má baà gùn, ẹ jẹ́ ká lo ìdáhùn èèyàn márùn-ún péré, láti gbólóhùn kìíní dé ìkẹrin:

- Ẹni kìíní: 5, 4, 3, 2
- Ẹni kejì: 4, 4, 5, 3
- Ẹni kẹta: 2, 3, 2, 4
- Ẹni kẹrin: 3, 2, 4, 1
- Ẹni karùn-ún: 1, 2, 1, 5

A fẹ́ mọ bí ìdáhùn sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ṣe fọ́n ká tó. Gbólóhùn kìíní gba 5, 4, 2, 3, 1. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 3. A yọ 3 kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sọ ohun tó kù di ìlọ́po ara rẹ̀, a ro wọ́n pọ̀, ó di 10. A fi 4 pín in, ìyẹn iye èèyàn dín ẹyọ kan, ó di 2.5. Ìfọ́nká gbólóhùn kìíní nìyẹn. Ti ìkejì jẹ́ 1, ti ìkẹta 2.5, ti ìkẹrin 2.5. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 8.5.

Lẹ́yìn náà, a ro ìdáhùn olúkúlùkù pọ̀: 14, 16, 11, 10, 9. A wá ìfọ́nká àwọn àpapọ̀ yìí lọ́nà kan náà, òun náà sì jẹ́ 8.5. Ìlànà tí a ó fi wọ́n sí rèé; k dúró fún iye gbólóhùn, ΣVi fún àpapọ̀ ìfọ́nká àwọn gbólóhùn, Vt fún ìfọ́nká àpapọ̀ ìdáhùn:

```
α = (k / (k - 1)) × (1 - ΣVi / Vt)
α = (4 / 3) × (1 - 8.5 / 8.5) = 0
```

Òdo! Ẹni tí kò mọ̀ọ́nú yóò da ìwé ìbéèrè náà nù. Àmọ́ ẹ tún wo gbólóhùn kẹrin. Ẹni tó fọkàn tán ẹgbẹ́ yóò mú nọ́ńbà ńlá nínú mẹ́ta àkọ́kọ́, yóò sì mú kékeré nínú èyí. Ńṣe ló dà bí èèyàn mẹ́rin tó ń fa okùn, tí ọ̀kan nínú wọn wá kọjú sí òdìkejì. A gbọ́dọ̀ yí ìdáhùn rẹ̀ padà kí a tó ṣírò: a ó yọ ọ́ kúrò nínú 6, kí 2 di 4, kí 5 di 1. Àpapọ̀ olúkúlùkù wá di 16, 16, 9, 14, 5. Ìfọ́nká ti gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kò yí padà, ṣùgbọ́n ti àpapọ̀ fò sókè láti 8.5 dé 23.5:

```
α = (4 / 3) × (1 - 8.5 / 23.5) = 0.85
```

Gbogbo ohun tí álífà ń wò nìyí. Bí àwọn gbólóhùn bá jọ ń lọ síbì kan náà, àpapọ̀ àwọn èèyàn yóò jìnnà síra. Bí wọ́n bá ń lòdì síra, wọn yóò pa ara wọn rẹ́, álífà yóò sì wálẹ̀, ó tiẹ̀ lè kéré sí òdo. Nínú SPSS, òpó tí wọ́n kọ `Cronbach's Alpha if Item Deleted` sí lórí máa ń fi bí álífà yóò ṣe rí hàn tí a bá yọ gbólóhùn kan. Tó bá fò sókè gan-an, kí a tún gbólóhùn yẹn kà ká tó yọ ọ́. Bóyá yíyí la gbàgbé láti yí i.

Lee Cronbach, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, ló gbé álífà jáde lábẹ́ orúkọ yìí ní 1951. Kuder àti Richardson ti ní irú rẹ̀ láti 1937 fún ìdánwò tí ìdáhùn rẹ̀ kò ju gbà tàbí kùnà. Jum Nunnally ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí fún 0.70, àmọ́ ohun tó kọ ní 1978 ni pé ìyẹn tó fún ìwádìí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Níbi tí a ó ti fi máàkì ẹnì kan ṣe ìpinnu pàtàkì nípa rẹ̀, ó ní 0.90 ló kéré jù.

Nọ́ńbà gíga náà lè tan ni jẹ. Ká ní àwọn gbólóhùn kan kò fi bẹ́ẹ̀ bára tan, tí ìbátan láàárín méjì-méjì wọn jẹ́ 0.2 péré. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, álífà yóò jẹ́ 0.50, tí a bá kó 20 irú wọn jọ, yóò di 0.83. Pípọ̀ ni wọ́n pọ̀, kì í ṣe pé wọ́n sàn jù. Nítorí náà, ẹni tí ìwé rẹ̀ ní ìpín mẹ́ta gbọ́dọ̀ ṣírò álífà mẹ́ta, kó má sì ro ọjọ́ orí tàbí iye ọmọ mọ́ ọn. Álífà kò sì mọ ohun tí à ń wọ̀n: gbólóhùn mẹ́rin tó dá lórí bí alága ṣe lọ́yàyà tó lè fún wa ní 0.90, kó má sì sọ nǹkan kan nípa ìfọkàntán.

Ìdáhùn àwọn èèyàn ló ni álífà, ìwé ìbéèrè kọ́. 0.85 tí a rí ní Ọ̀yọ́, ti àwọn ará Ọ̀yọ́ ni, 30 èèyàn sì kéré débi pé ó lè yí díẹ̀ tí a bá mú 30 mìíràn. Nígbà tí ìdáhùn Ìbàdàn bá pé, kí olùwádìí tún un ṣírò, kó sì kọ méjèèjì sínú iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn tó yí padà àti ìdí tó fi yí i.