Asáré tó gbọ́dọ̀ sá, asáré tó lè dúró

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, nínú ìdíje àṣekágbá bésíbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Yankees ti Niú Yọ́ọ̀kì ti ní ààmì márùn-ún, Dodgers ti Lọs Áńjẹ́lẹ́sì kò sì tíì ní ẹyọ kan. Kí abala karùn-ún tó parí, ó ti di 5 sí 5. Ohun tó fa gbogbo rògbòdìyàn náà kò ju ìbéèrè kan lọ: asáré wo ló di dandan fún láti sá, èwo ló lè dúró síbi tó wà?

Béèsì mẹ́ta àti ilé, èyí tí asáré ń dé kó tó gba ààmì, ló wà nínú eré yìí. Ẹsẹ̀ bàtà 90 ló wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tó bá fi igi gbá bọ́ọ̀lù sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré lọ sí béèsì kìíní, asáré méjì kò sì lè jọ ni béèsì kan. Bí ẹnìkan bá ti wà níbẹ̀, ó ní láti kúrò fún ẹni tó ń bọ̀, bí ìgbà tí èrò tuntun wọ dánfó tí kọ̀ndọ́ sì ní kí gbogbo ìjókòó sún.

Asáré tí wọ́n ń tì bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tó lè padà sí. Nítorí náà, aṣọ́pápá kò ní láti fọwọ́ kàn án rárá. Kó ṣáà di bọ́ọ̀lù mú, kó tẹ béèsì tí asáré ń lọ kí ó tó débẹ̀, asáré ti kúrò. Èyí ni fọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó ń tì í, ó lè lọ, ó lè padà. Àfi kí aṣọ́pápá fi bọ́ọ̀lù, tàbí ìbọ̀wọ́ tí bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, kan ara rẹ̀. Táàgì nìyẹn.

Ní abala karùn-ún yẹn, Kiké Hernández ti wà ní béèsì kìíní nígbà tí Tommy Edman gbá bọ́ọ̀lù kan sókè tààrà sọ́dọ̀ Aaron Judge. Ká ní Judge hán an ni, Edman ì bá kúrò, kò ní sí ẹni tó ń ti Hernández, yóò sì padà sí béèsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Judge, àwọn méjèèjì sì ráyè. Will Smith wá gbá tirẹ̀ sílẹ̀ sọ́dọ̀ Anthony Volpe. Ó di dandan kí asáré mẹ́ta sún síwájú. Volpe ju bọ́ọ̀lù sí béèsì kẹta láti mú Hernández ní fọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ó já sínú erùpẹ̀. Béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún.

Gerrit Cole, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Yankees, lé ẹni méjì kúrò lẹ́yìn èyí. Ó ku ẹyọ kan. Mookie Betts gbá bọ́ọ̀lù tó ń yí gbirigbiri sọ́dọ̀ Anthony Rizzo. Rizzo dúró de Cole kó wá tẹ béèsì kìíní, Cole kò dé ibẹ̀, Hernández sì dé ilé. Bí wọ́n bá tẹ béèsì yẹn kí Betts tó débẹ̀, ààmì Hernández kò ní wúlò kódà bó ti kọ́kọ́ dé ilé, nítorí òfin kì í ka ààmì nígbà tí ẹni kẹta bá kúrò báyìí. Ààmì mẹ́rin mìíràn tẹ̀ lé e.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n hán lókè yí ọ̀rọ̀ padà. Onígi ti kúrò, kò sí ẹni tó ń ti ẹnikẹ́ni mọ́, àfi pé asáré gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan béèsì rẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá kan aṣọ́pápá. Láti ìgbà tó bá ti kọ́kọ́ kàn án ni asáré ti lè gbéra, bí bọ́ọ̀lù tilẹ̀ ṣì ń jó lọ́wọ́ ẹni tó ń hán an. Báyìí, ó fẹ́ ni ó fi sá, táàgì nìkan ló sì lè mú un níwájú.

Bó bá sá ṣáájú, tí wọ́n sì ju bọ́ọ̀lù padà sí béèsì tó fi sílẹ̀, ó kúrò. Ó jọ fọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun: bí asáré mìíràn bá ti dé ilé lọ́nà tó tọ́ kó tó di pé wọ́n mú ẹni kẹta báyìí, ààmì tirẹ̀ dúró.

Ní abala kẹjọ, Yankees ń fi 6 sí 5 ṣíwájú, béèsì sì tún kún. Gavin Lux gbá bọ́ọ̀lù sókè jìnnà, wọ́n hán an, Hernández tó ti fẹsẹ̀ tẹ béèsì kẹta dúró sáré wálé: 6 sí 6. Láìpẹ́, Betts náà gbá tirẹ̀ sókè, Edman sì ṣe ohun kan náà láti béèsì kẹta. Ó di 7 sí 6, bẹ́ẹ̀ ni eré sì ṣe parí, Dodgers gba ife.