Kí Ẹ Tó Ta PS4 Yín: Bí Ẹ Ó Ṣe Kó Ibi Tí Ẹ Bá Géèmù Dé Lọ Sórí PS5

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ra PS5 ló máa ń ta PS4 rẹ̀ kíá, torí owó tó bá pa lórí rẹ̀ ló fẹ́ fi dí ihò tí tuntun dá sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọjà náà dúró títí ẹ ó fi ka ìwé yìí tán.

Géèmù lọ́tọ̀, àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ bá a dé lọ́tọ̀. Bí díìsì bá sọnù, ẹ lè ra òmíràn. Àkọsílẹ̀ yẹn ni ẹnikẹ́ni ò lè tà fún yín. Inú PS4 ló wà, àkáǹtì PSN tí ẹ fi ta géèmù náà ló sì ni ín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé nìyí: ọmọ ń fi àkáǹtì bàbá rẹ̀ ta géèmù lórí PS4, ìgbà tí PS5 dé, wọ́n ṣí àkáǹtì tuntun fún un. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ kò ní ṣí lórí àkáǹtì tuntun yẹn. Àkáǹtì tó wà lórí PS4 náà ni kí ẹ fi wọ PS5.

Ẹ jẹ́ ká mú God of War Ragnarök, tó jáde ní 2022 fún ẹ̀rọ méjèèjì. Ẹ ki fíláàṣì tí a ṣètò sí FAT32 tàbí exFAT bọ PS4, kí ẹ wá tẹ̀ lé ọ̀nà yìí:

```
Settings > Application Saved Data Management
> Saved Data in System Storage
> Copy to USB Storage Device
```

Ẹ yan géèmù náà, kí ẹ dà á kọ. Ẹ ki fíláàṣì kan náà bọ PS5, ẹ wọ Settings, ẹ yan Saved Data and Game/App Settings, lẹ́yìn náà Saved Data (PS4), kí ẹ dà á kọ sínú ẹ̀rọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró níbẹ̀, wọ́n á ṣí géèmù, wọ́n á bá a ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, wọ́n á sì gbà pé gbogbo rẹ̀ ti ṣòfò. Kò ṣòfò. Ẹ̀dà PS4 àti ẹ̀dà PS5 géèmù kan kì í ka àkọsílẹ̀ ara wọn fúnra wọn. Inú géèmù gan-an ni ẹ ti máa pàṣẹ pé kó gba ti PS4 wọlé, Ragnarök sì fi àyè yẹn sílẹ̀ lójú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo géèmù ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú FIFA 21, Ultimate Team bá àwọn tó lọ sórí PS5 lọ, torí orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ló ń gbé. Career Mode, tó ń gbé inú ẹ̀rọ, kò lè sọdá rárá. Bó bá jẹ́ irú èyí ni, ẹ fi ẹ̀dà PS4 rẹ̀ sórí PS5, kí ẹ máa bá a lọ níbẹ̀.

Fíláàṣì kò gba àkọsílẹ̀ géèmù PS5 lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gba ti PS4. Ẹni tó bá ń san owó PlayStation Plus ló lè máa gbé tirẹ̀ sókè sí ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á sì máa ṣe é fúnra rẹ̀ nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá wà. Bí ẹ̀yin náà bá ń san án, ẹ lè gba ọ̀nà yìí dípò fíláàṣì fún ti PS4 pẹ̀lú.

Ewu kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ká ní ọmọ yín ta géèmù nílé ní Sátidé nígbà tí dátà ti tán. Ní Sọ́ńdé, ó fi àkáǹtì rẹ̀ wọ PS5 ìbátan rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ géèmù kan náà látìbẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ìyẹn sì gòkè lọ sí ìpamọ́. Nígbà tó padà sílé, ẹ̀rọ á fi àkọsílẹ̀ méjì hàn án, tòun ti ọjọ́ àti àkókò, á ní kó mú ọ̀kan. Ojú á lọ síbi tó jẹ́ tuntun jù, bẹ́ẹ̀ ti Sọ́ńdé tí kò ní nǹkan kan nínú ló jẹ́ tuntun jù. Èyí tó bá mú á bo èkejì mọ́lẹ̀. Kó má mú nǹkan kan. Kó kọ́kọ́ já íńtánẹ́ẹ̀tì, kó ṣí géèmù láti wo ibi tí ti inú ẹ̀rọ dé, kó jáde, kó tó yàn.

Ìgbà tí ẹ bá ti ṣí géèmù lórí PS5 tí ẹ sì fojú rí i pé ibi tí ẹ bá a dé náà ló wà, ẹ lè wá nu PS4 kí ẹ tó tà á: Settings, Initialization, Initialize PS4, kí ẹ sì yan Full. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹ ṣe é nígbà tí iná bá dúró tàbí kí ẹ gbé e sórí ínfátà, torí bí iná bá lọ lágbedeméjì, ẹ̀rọ náà lè bàjẹ́ kó má lè tàn mọ́.