Nọ́ńbà Tí A Ráńdì Láìtọ́jọ́

Ìbéèrè náà kò le rárá. Ó wà nínú ìwé ìdánrawò lórí ríráńdì nọ́ńbà àti sigínífíkáńtì fígọ̀, irú èyí tí olùkọ́ ìṣirò máa ń pín fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì kí wọ́n lọ ṣe é nílé. Táńkì omi kan wà tí ìdí rẹ̀ jẹ́ òbìrìkítí, tí ara rẹ̀ sì lọ sókè tààrà. Wọ́n fi téèpù wọn àyíká rẹ̀, ó jẹ́ 7.30 mítà. Omi inú rẹ̀ ga tó 2.40 mítà. Kúbíìkì mítà omi mélòó ló wà níbẹ̀? Kí ọmọ kọ ìdáhùn ní sigínífíkáńtì fígọ̀ mẹ́ta.

Sigínífíkáńtì fígọ̀ ni àwọn díjíìtì tó ń sọ ohun gidi fún wa nípa bí nǹkan ṣe tó. Orí díjíìtì àkọ́kọ́ tí kì í ṣe òdo la ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. 0.0482 ní mẹ́ta. 7.30 náà ní mẹ́ta, nítorí òdo tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ́rìí pé ẹni tó wọn táńkì náà wò ó dé orí sẹ̀ǹtímítà. Tí wọ́n bá ní ká ráńdì nọ́ńbà, a ó wo díjíìtì tó tẹ̀ lé ibi tí a fẹ́ dúró sí: bó bá jẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó fi 1 kún èyí tó ṣáájú rẹ̀, bí kò bá tó 5, a ó fi èyí tó ṣáájú sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ èyí dáadáa. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣe é gan-an ló ń da máàkì wọn nù.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ó mọ̀ pé tí òun bá pín àyíká táńkì sí ìlọ́po méjì π, òun á rí rédíọ́ọ̀sì, ìyẹn ìwọ̀n láti àárín òbìrìkítí dé etí rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, kakulétọ̀ sì gbé 1.161831085 jáde. Nọ́ńbà gígùn báyìí kì í wu ọmọ láti kọ. Ó rántí pé fígọ̀ mẹ́ta ni wọ́n béèrè, ó kọ 1.16, ó fa ìlà sí ìdí rẹ̀. Ó wá lọ sí ìṣísẹ̀ kejì: π lọ́nà 1.16 lọ́nà 1.16 lọ́nà 2.40. Ohun tó rí ni 10.1455… Ó ráńdì ìyẹn náà, ó kọ 10.1 kúbíìkì mítà.

Ìdáhùn tó tọ́ ni 10.2. Tí ọmọ náà bá fi gbogbo díjíìtì rédíọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, 10.1776… ni kakulétọ̀ ìbá gbé jáde fún un.

Ẹni tó ń máàkì ìwé náà á rí i pé ọ̀nà tó gbà dára. Nínú ìlànà ìmáàkì ìdánwò WAEC, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú ti GCSE tí àwọn ọmọ Yorùbá ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà M máa ń dúró fún máàkì ọ̀nà tí ọmọ gbà, A sì dúró fún máàkì ìdáhùn tó péye. Tí ìbéèrè táńkì yìí bá ní máàkì mẹ́ta, ọmọ yìí á gba M méjì, A á sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó mọ fọ́múlà, ó mọ kakulétọ̀ tẹ̀, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ráńdì. Ó kàn tètè ráńdì ni. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ìbéèrè márùn-ún nínú bébà kan, máàkì márùn-ún ti lọ lórí ohun tí ọmọ mọ̀.

Báwo ni ohun kékeré tó gé kúrò lára rédíọ́ọ̀sì ṣe ba ìdáhùn jẹ́? Ohun tó gé kúrò kò tó mìlímítà méjì, kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀ta rédíọ́ọ̀sì náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni rédíọ́ọ̀sì wọ inú ìṣirò, nítorí fọ́múlà ní ká fi í lọ́po ara rẹ̀. Àṣìṣe náà sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú rẹ̀, ìdá tó dínkù lára ìdáhùn wá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó dínkù lára rédíọ́ọ̀sì. Omi tó sọ nù nínú ìwé ọmọ náà tó lítà 32, ó ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan lọ. Bó bá jẹ́ pé 1.2 ló kọ fún rédíọ́ọ̀sì, bí àwọn mìíràn ṣe máa ń ṣe, 10.9 ni ì bá rí. Ìyẹn á fi nǹkan bí lítà 680 tí kò sí níbẹ̀ kún omi inú táńkì.

Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kejì ló wá jẹ́ ìyanu. Òun náà kọ 1.16. Ó fi 1.16 lọ́po ara rẹ̀, ó fi π lọ́po ìyẹn, ó rí 4.2273…, ìyẹn ìwọ̀n ojú òbìrìkítí ìdí táńkì, ó sì tún ráńdì ìyẹn sí 4.23. Ó fi 2.40 lọ́po 4.23, ó rí 10.152, ó kọ 10.2. Ìdáhùn rẹ̀ tọ́! Ẹni tó ráńdì láìtọ́jọ́ lẹ́ẹ̀kan gba òdo lórí A, ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì gbà á. Àṣìṣe àkọ́kọ́ fa nọ́ńbà wálẹ̀, èkejì tì í sókè díẹ̀, díẹ̀ náà sì tó láti gbé e kọjá 10.15. Irú oríire bẹ́ẹ̀ léwu, nítorí ọmọ náà á lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, olùkọ́ tó ń wo ìlà ìkẹyìn nìkan kò sì ní mọ̀.

Àwọn òbí tó ṣe ìdánwò kí kakulétọ̀ tó wọ yàrá ìdánwò á rántí ìwé tébù onífígọ̀ mẹ́rin, níbi tí wọ́n ti ń wá lọ́gì, sáìnì àti kọsáìnì. Ìwé yẹn fúnra rẹ̀ ń ráńdì, ó kàn jẹ́ pé fígọ̀ mẹ́rin ló ń dúró sí. Nígbà tí ìbéèrè bá béèrè fígọ̀ mẹ́ta, fígọ̀ kẹrin ti ń ṣọ́ ẹ̀yìn wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Kakulétọ̀ ń gbé díjíìtì mẹ́wàá jáde, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ fún ọmọ láti yan iye tó máa gbé dé ìlà kejì. Tí ọmọ táńkì wa bá gbé mẹ́rin péré, ìyẹn 1.162, 10.1806… ló máa rí, 10.2 ló sì máa kọ.

Àmọ́ ìṣirò ìyọkúrò kì í fojú rere wo ẹni tó tètè ráńdì. Ẹ wo ìbéèrè mìíràn tí kì í wọ́n nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan dúró sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, 50 mítà sí ilé kan tí wọ́n ri máàsì mọ́ orí rẹ̀. Igun tó fi gbójú sókè wo òkè ilé jẹ́ 31°, èyí tó fi wo ṣóńṣó máàsì jẹ́ 33°, wọ́n sì ní kí a gbà pé ilẹ̀ la ti wọn igun méjèèjì. Báwo ni máàsì nìkan ṣe gùn tó? Ọmọ á fi 50 lọ́po `tan 33°`, á rí 32.4703…, á fi 50 lọ́po `tan 31°`, á rí 30.0430… Bó bá ráńdì méjèèjì sí fígọ̀ mẹ́ta kó tó yọ wọ́n kúrò lára ara wọn, yóò ní 32.5 àti 30.0, máàsì á sì jẹ́ 2.5 mítà. Bí kò bá fọwọ́ kàn wọ́n, 2.43 mítà ni.

Àṣìṣe tó wà níbí sún mọ́ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ó ju ti táńkì lọ fíìfíì. Ìdí ni pé nọ́ńbà ńlá méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni a yọ kúrò lára ara wọn. Apá tó pọ̀ jù nínú wọn pa ara rẹ̀ rẹ́, ohun tó ṣẹ́ kù sì wà nínú àwọn díjíìtì ẹ̀yìn gan-an tí ọmọ ti gé dànù. Ẹ tún kíyè sí i pé 2.5 ní fígọ̀ méjì péré. Bí ìdáhùn bá kù díẹ̀ ní fígọ̀ báyìí lẹ́yìn ìyọkúrò, ó yẹ kí ọmọ padà lọ wo ibi tó ti ráńdì.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò gba ọgbọ́n àrà. Kí nọ́ńbà gígùn máa gbé inú kakulétọ̀. Bọ́tìnnì `Ans` ń pe ìdáhùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde padà pẹ̀lú gbogbo díjíìtì rẹ̀. Tí nọ́ńbà méjì bá wà láti tọ́jú, `STO` á fi ọ̀kan pamọ́ sínú `A`, èkejì sínú `B`. Lórí ìwé, kí ọmọ kọ 1.1618… pẹ̀lú àmì tóótòòtó mẹ́ta, kí ẹni tó ń máàkì lè rí i pé nọ́ńbà náà kò tíì parí. Èyí tó tún dára jù ni kó fi lẹ́tà ṣiṣẹ́ títí dé òpin kó tó fi nọ́ńbà sí i. Ní ti táńkì, àyíká lọ́nà àyíká lọ́nà gíga omi, ká wá pín in sí ìlọ́po mẹ́rin π, ló máa kù, kakulétọ̀ á sì gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

```
7.30² × 2.40 ÷ (4 × π)
```

Rédíọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ yọjú mọ́, débi tí ẹnikẹ́ni á fi gé e.

Àwọn ibì kan wà tó tọ́ kí a ráńdì láàárín iṣẹ́. Bí ìṣirò bá sọ pé ọ̀dà agolo 3.2 ló máa kun ògiri, tí ìlà tó kàn sì ń béèrè iye owó, agolo mẹ́rin la máa lọ́po owó, nítorí ọlọ́jà kì í bu agolo tà. Bákan náà, bí ìbéèrè bá ní ká fojú díwọ̀n, ríráńdì kíákíá ni iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ wá.

Nínú ìwé ìdánrawò, ìṣísẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń wà. Ní ọjà ìpín ìdókòwò ìlú Vancouver ní Kánádà, ìṣísẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 lójúmọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1982, wọ́n dá òṣùwọ̀n kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti 1,000. Lẹ́yìn òwò kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á tún un ṣírò, á sì gé gbogbo ohun tó bá kọjá díjíìtì mẹ́ta lẹ́yìn pọ́ìntì, láìwò ó bóyá ó yẹ kó fi 1 kún un. Ìsàlẹ̀ nìkan ló ń gé e sí, nítorí náà àwọn àṣìṣe náà kò lè dín ara wọn kù bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ wa kejì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1983, òṣùwọ̀n náà ti já wálẹ̀ sí 524.811. Nígbà tí wọ́n tún un ṣírò dáadáa, 1,098.892 ló jẹ́.

Iṣẹ́ kan wá wà fún olùkọ́ tó ń kọ ìwé ìdánrawò yìí pẹ̀lú. Bó bá yí 7.30 padà sí 7.35 nínú ìbéèrè táńkì, rédíọ́ọ̀sì á jẹ́ 1.1697…, tó súnmọ́ 1.17 gidigidi. Ẹni tó ráńdì láìtọ́jọ́ á rí 10.3212…, ẹni tó dúró á rí 10.3175…, àwọn méjèèjì á sì kọ 10.3. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò lè fi àṣìṣe han ẹnikẹ́ni, ìwé tó kún fún un á sì jẹ́ kí gbogbo kíláàsì gba máàkì pé. Kí olùkọ́ tó tẹ ìbéèrè jáde, kó kọ́kọ́ ṣe é lọ́nà méjèèjì fúnra rẹ̀, kó sì rí i pé ìdáhùn méjèèjì yàtọ̀ ní fígọ̀ tó máa béèrè.